Róòlù píọ̀ wọ́tà 19 tó ń jò: lẹ́tà wo ni kí n kọ sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́?

Alómi Ìtàmàgà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Mo ra róòlù ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 25 lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tẹ̀ ẹ́ ní apá Odógunyàn. Kílò 20 ni róòlù kọ̀ọ̀kan, 4,000 náírà ni kílò kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,000,000. Mo ti san 1,400,000, ó ku 600,000. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹfà, ni wọ́n kó o dé. A ti lo mẹ́fà tán kí a tó rí i pé síìlì rẹ̀ kì í dì, omi ń jò nínú báàgì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ó ku 19. Mo pè é, ó ní máṣíìnì mi ni kò dáa. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà tó le sí i, kí n fún un ní ọjọ́ méje kó fi ṣe àtúnṣe. Kí ni kí n kọ sínú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Igbógbó
Lẹ́tà kẹ̀? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú mọ́tò, ẹ lọ dà á síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi ra ìyẹ̀fun báàgì márùn-ún tó ti ní kòkòrò, mo dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pààrọ̀ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé Sàbó
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi ni ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Èyí ti ní máṣíìnì ló bàjẹ́. Tí wọ́n bá lọ da róòlù 19 síta, tí òjò pa á, ohun tí yóò sọ ni pé òjò ló bà á jẹ́. Òfin kò sì sọ pé ẹni tó kọ ọjà gbọ́dọ̀ rù ú padà. Kó sọ fún ẹni tó tà á pé òun kò gbà á, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, kí olóhun wá kó ohun rẹ̀: ó tó.

Alómi, ohun kan ṣáájú lẹ́tà. Ẹ má gbé róòlù keje sórí máṣíìnì láti fi ṣe omi tà. Òfin ọjà títà tí à ń lò ní ìpínlẹ̀ Èkó, ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ló ti wá. Nínú rẹ̀, ẹni tó bá ti ráyè yẹ ọjà wò, tó tún ń lò ó bí olóhun, a ó kà á sí pé ó ti gbà á. Tó bá sì ti gbà á, kò lè sọ mọ́ pé kí wọ́n wá kó o. Owó àdánù nìkan ló kù tó lè béèrè. Mo ti rí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìbínú lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń lo ọjà náà lọ́wọ́ òsì. Lẹ́tà rẹ̀ kò níyì kankan.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ni ẹni náà ṣèlérí? Orí ìlérí yẹn ni lẹ́tà yóò dúró lé. Ṣé ìwé wà? Ṣé ó fún yín ní àpẹẹrẹ ọ̀rá kí ẹ tó sanwó?

Alómi Ìtàmàgà
Ó fún mi ní bíi mítà kan lóṣù Karùn-ún, a dán an wò, ó dì dáadáa, ìyẹn ni mo fi sanwó. Mo ṣì ní díẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ínfọ́ìsì wà. Lórí Wasáàpù ni mo ti kọ ọ́ sí i pé «gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ yẹn gan-an», ó sì dáhùn pé «kò sí wàhálà». Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé «ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà».

Adé Ìjẹ̀dẹ̀
Rìsíìtì yẹn ti parí ẹjọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin tuntun ti 2018 fún wọn lágbára, wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé e.

Akọ̀wé Sàbó
Adé, méjèèjì ni kí a tún wò. Ìgbà wo ni rìsíìtì dé ọwọ́ Alómi? Lẹ́yìn tó ti bá a dúnàádúrà, tó sì ti sanwó. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá tẹ̀ sẹ́yìn ìwé lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí kì í sábà wọnú àdéhùn náà, àfi tí wọ́n bá ti fi hàn án ṣáájú tàbí tó jẹ́ pé bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń ṣòwò nìyẹn tipẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà rárá. Tó bá fẹ́ gbé e jáde, kó gbé e jáde fúnra rẹ̀.

Ní ti òfin 2018, ẹ ka ibi tó ti túmọ̀ oníbàárà. Ó yọ ẹni tó ra ọjà láti tún un tà kúrò, ó sì yọ ẹni tó rà á láti fi ṣe ọjà mìíràn fún títà kúrò pẹ̀lú. Ọ̀rá tí ẹ fi ń di omi tà, inú èkejì yẹn ló bọ́ sí. Tó bá jẹ́ fíríìjì ilé ni Alómi rà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àdéhùn àárín oníṣòwò méjì ni èyí, òfin ọjà títà ló sì ń gbè é.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ Alómi ni àpẹẹrẹ yẹn. Tí èèyàn bá fi àpẹẹrẹ tajà, òfin fúnra rẹ̀ sọ pé gbogbo ọjà gbọ́dọ̀ rí bí àpẹẹrẹ náà. Ẹ fi mítà tó kù yẹn sínú àpòòwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ má gé e dànù.

Ẹlẹ́rọ Agric
Kí a tó máa sọ òfin, kí a mọ ẹni tó jẹ̀bi lóòótọ́. Máṣíìnì náà ń jẹ̀bi nígbà míì. Bí ẹ ó ṣe dán an wò nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ téfúlọ̀nù tó wà lórí irin síìlì, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ ni pé ó ti jó. Ẹ wá róòlù kan tó ṣẹ́kù lára ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣe 200 píọ̀ wọ́tà. Ẹ má yí ooru, ẹ má yí ìyára, ẹ gbé tuntun sí i, ẹ tún ṣe 200. Ẹ tẹ́ wọn sórí páálí gbígbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ka iye tó rin páálí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ooru sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún dán tuntun wò, kí ó má baà sọ pé ooru ló kéré. Kí ẹnì kan máa fi fóònù ya ojú ibi tí nọ́ńbà ooru ti ń hàn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Ẹ wo ibi tó ń jò pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń jò, bóyá igun òsì ní gbogbo ìgbà, irin síìlì yín ló ní ihò, ti yín nìyẹn. Tó bá ń jò káàkiri, lónìí níhìn-ín, lẹ́yìn náà lọ́hùn-ún, ọ̀rá ni. Ẹ fi ọwọ́ ya síìlì náà. Tó bá ṣí pẹ̀rẹ̀, tí ojú méjèèjì ń dán láìya, kò yọ́ pọ̀ rárá. Tó bá ya ní ẹ̀gbẹ́ síìlì, ooru ti pọ̀ jù tàbí ọ̀rá tín-ín-rín jù.

Ohun kan tún wà tí àwọn atẹ̀wé máa ń ṣe tí wọn kì í sọ: tádàá. Ó yẹ kí wọ́n fi etí ọ̀rá sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan sí i, níbi tí síìlì yóò dé. Tí tádàá bá wọ ibẹ̀, ojú ọ̀rá kò lè yọ́ mọ́ ara wọn.

Alómi Ìtàmàgà
Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹ ò rí nǹkan! Ṣé tí mo bá ṣe ìdánwò yìí, kò ní jẹ́ pé mo ti ń lo róòlù keje?

Akọ̀wé Sàbó
Yíyẹ ọjà wò kọ́ ni gbígbà á. Ẹ mú nǹkan díẹ̀ lára mẹ́ta péré nínú 19, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára páìpù páálí àárín wọn sílẹ̀, kí ẹ sì má ta omi tó bá jáde níbẹ̀. Ẹ kọ sí i lórí Wasáàpù lónìí pé ẹ fẹ́ dán an wò lọ́la ní aago mẹ́wàá, kó rán ẹnì kan wá. Tó bá wá, ó dáa. Tí kò bá wá, ìkésíni yẹn fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́.

Alómi Ìtàmàgà
A ti ṣe é. Mo pè é, ó ka ọ̀rọ̀ mi, kò dáhùn, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Nínú 200 ti ọ̀rá àtijọ́, 3 ló jò. Tuntun: róòlù 9, 41 jò, róòlù 14, 38, róòlù 22, 44. A gbé ooru sókè, kò yí padà. Ó ń jò káàkiri, síìlì ń ṣí pẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Mo wá tẹ́ àpẹẹrẹ oṣù Karùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Nínú àpẹẹrẹ, àwọ̀ búlúù náà dúró kó tó dé etí, ó fi bíi ìka kan sílẹ̀. Nínú tuntun, búlúù náà lọ títí dé etí.

Ẹlẹ́rọ Agric
Tádàá ni. Ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ tèmi.

Akọ̀wé Sàbó
Lẹ́tà ti wà nìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù ń lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Kó má ju ojú ìwé kan ààbọ̀ lọ. Ẹ má bú u, ẹ má sọ pé olè ni.

> Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹfà 2026.
> Sí Ọ̀gá Àgbà (orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an, bó ṣe wà lórí ínfọ́ìsì).
> Ìfitónilétí pé ẹ ti yẹ àdéhùn lórí róòlù ọ̀rá 25 tí ẹ kó wá ní 2 oṣù Kẹfà 2026 (ínfọ́ìsì nọ́ńbà …)
> A ra róòlù 25, kílò 500, ní 2,000,000 náírà, lórí àdéhùn pé yóò rí bí àpẹẹrẹ tí ẹ fún wa lóṣù Karùn-ún. A ti san 1,400,000.
> Ọjà náà kò rí bí àpẹẹrẹ. Nínú àpẹẹrẹ, tádàá kò dé etí ọ̀rá. Nínú ọjà tí ẹ kó wá, tádàá wọ ibi síìlì, ọ̀rá kò sì dì. Nínú 200 tí a ṣe láti ara róòlù kọ̀ọ̀kan, 41 ló jò ní róòlù 9, 38 ní róòlù 14, 44 ní róòlù 22, nígbà tí 3 péré jò nínú 200 ti ọ̀rá mìíràn lórí ẹ̀rọ kan náà. Àwòrán àti iye rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.
> A kò gba róòlù 19 tó kù. Wọ́n wà níbi gbígbẹ ní ilé iṣẹ́ wa, ẹ lè wá yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin.
> À ń béèrè pé kí ẹ kó róòlù 19 mìíràn tó bá àpẹẹrẹ mu wá, ní owó yín, kó má pẹ́ ju aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹfà 2026.
> Tí ẹ kò bá ṣe é títí di àkókò yẹn, a ó ka àdéhùn lórí róòlù 19 náà sí èyí tó ti parí, ẹ ó sì dá 920,000 náírà padà fún wa. A kò ní san 600,000 tó ṣẹ́kù kí àtúnṣe tó wáyé. Lẹ́tà yìí kò mú ẹ̀tọ́ kankan tí òfin fún wa kúrò, títí kan owó àdánù lórí róòlù mẹ́fà tí a ti lò.

Ẹ wo 920,000 yẹn dáadáa. Róòlù mẹ́fà tí ẹ lò jẹ́ kílò 120, iye rẹ̀ 480,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 1,400,000 tí ẹ san. Owó tó dájú nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè ṣírò rẹ̀. Èrè tí ẹ kò rí, oníbàárà tó sá lọ, omi tó dànù, owó tí adájọ́ gbọ́dọ̀ díwọ̀n ni gbogbo wọn. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ 920,000. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn kéékèèké tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹni tó bá da èrè tó fò lọ mọ́ ọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn.

Alómi Ìtàmàgà
Mo sọ pé ọjọ́ méje, ẹ kọ 18. Ṣé kì í ṣe 15 ni?

Akọ̀wé Sàbó
Ìjà tí mo ń sá fún nìyẹn. Tí ẹ bá kọ «ọjọ́ méje» lásán, ẹ ó kà á dé Ọjọ́ Ajé 15, òun yóò sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni òun rò. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé kò sí nínú kíkà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣẹ́gun 9: 9, 10, 11. Ọjọ́ Ẹtì 12 jẹ́ Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, kò sí iṣẹ́. Ẹ fò ó àti Sátidé òun Sọ́ńdè, ẹ wá ka 15, 16, 17, 18. Méje pé. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹnikẹ́ni má ka ìka. Òfin 1893 kò fún ẹni tó tajà ní iye ọjọ́ kankan láti fi tún nǹkan ṣe. Ẹ̀yin lẹ ń fún un, kó ṣáà jẹ́ èyí tó tó. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rá gbọ́dọ̀ ṣe àtúntẹ̀, kí tádàá gbẹ, kó gé e. Ọjọ́ méjì yóò dà bí ìkà lójú adájọ́.

Adé Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ «wíṣáọ́tì pírẹ́júdíìsì» sókè lẹ́tà náà. Gbogbo lẹ́tà lọ́yà ni mo máa ń rí i lórí rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kó le.

Lọ́yà Epe
Rárá o! Adé, èyí gan-an ló ń ba lẹ́tà jẹ́. Abala 196 nínú òfin ẹ̀rí 2011 sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé tí a fi gbólóhùn yẹn sí, tí a kọ nígbà tí à ń wá ìlàjà, kò ní wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ni èyí. Ẹ fẹ́ kí adájọ́ rí i! Tí ẹ bá fẹ́ sọ lọ́tọ̀ pé «mo lè gba róòlù 15 kí a parí ẹ̀», lẹ́tà kejì nìyẹn, ibẹ̀ ni gbólóhùn náà ti wúlò.

Mo tún fẹ́ bá Akọ̀wé jiyàn díẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo, ínfọ́ìsì kan, ọkọ̀ kan ló kó o wá. Tí ẹni náà bá gba lọ́yà tó mọ iṣẹ́, yóò sọ pé ẹni tó lo mẹ́fà nínú 25 ti gba gbogbo rẹ̀, pé kò lè kọ 19 mọ́, pé owó àdánù nìkan ló kù fún un. Òfin sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí àdéhùn kò bá ṣeé pín.

Akọ̀wé Sàbó
Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lo mẹ́fà yẹn kí wọ́n tó mọ̀, àbùkù tí kò hàn lójú ni. Ṣé wọ́n lè mọ̀ láìgbé e sórí máṣíìnì?

Lọ́yà Epe
Ẹnì kan yóò ní kí wọ́n ti dá a dúró ní róòlù kìíní. Mẹ́fà kì í ṣe ìdánwò, iṣẹ́ ni. Mi ò sọ pé ẹjọ́ ti bàjẹ́, mo ní adájọ́ méjì lè rí i lọ́nà méjì. Nítorí náà, ìlà tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yẹn, pé ẹ̀tọ́ yòókù ṣì wà, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Tí ọ̀nà kan bá dí, ẹ gba ọ̀nà kejì: 600,000 tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè mú àbùkù ọjà kúrò lára rẹ̀.

Akọ̀wé Sàbó
Ibẹ̀ ni a ti fẹnu kò.

Alómi Ìtàmàgà
Mo fẹ́ rán ọmọ mi kó fi fún géètì-máànù. Ṣé ó tó?

Akọ̀wé Sàbó
Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ọmọ náà fi ọ̀kan sílẹ̀, kó mú èkejì padà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á, ìbuwọ́lù, ọjọ́ àti aago, sítáǹpù pẹ̀lú tí wọ́n bá ní. Géètì-máànù máa ń kọ̀ láti buwọ́lù. Nítorí náà ẹ tún fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn akẹ́rù tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sí Wasáàpù àti ímeèlì tó wà lórí ínfọ́ìsì, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ Wasáàpù yín rẹ́. Tó bá di kóòtù, títẹ̀ jáde nìkan kò tó. Abala 84 òfin ẹ̀rí ń béèrè ìwé tó fi hàn irú fóònù tó ti wá àti pé fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹni tó ń lò ó buwọ́lù ú.

Tí 18 bá kọjá láìsí nǹkan, lẹ́tà yìí kò rọ́pò fọ́ọ̀mù ilé ẹjọ́ kéékèèké. Wọ́n ní lẹ́tà ìbéèrè owó tiwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó pe ẹjọ́. Ẹ béèrè fún un ní kóòtù májísíréètì.

Ìyá Ìbejì Igbógbó
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, tó bá wá kó méjìlá wá dípò 19 ńkọ́? Torí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á kó díẹ̀ wá, wọ́n á ní «ẹ buwọ́lù fún mi, èyí tó kù ń bọ̀ lọ́la».

Lọ́yà Epe
Ìyá Ìbejì, ìbéèrè gidi nìyẹn. Kó gbà á, kó má kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí dírẹ́bà mú wá, tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé «a gba ọjà ní pípé, ní ipò tó dára», kó má buwọ́lù ú bẹ́ẹ̀. Kó fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀ pé: «Róòlù 12 nínú 19. A kò tíì dán an wò.» Kó ya àwòrán ìwé náà kí dírẹ́bà tó gbé e lọ, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé ó ku méje, àti pé aago mẹ́rin 18 kò tíì yí padà.

Ẹlẹ́rọ Agric
Kí ó sì tẹ́ etí ọ̀rá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àpẹẹrẹ kí dírẹ́bà tó tan mọ́tò. Búlúù yẹn kò gba ìṣẹ́jú méjì láti wò.